Bí Oògùn HIV Ṣe Di Ìdènà: Ìtàn Àìsàn Kan àti Ìṣirò Rẹ̀ ní Nàìjíríà

Àwọn onímọ̀ tó tọpasẹ̀ HIV, kòkòrò apa sójà ara, fi ẹnu kò pé ara àwọn ìnàkí inú igbó gúúsù ìlà-oòrùn Kamẹrúùnù ló ti wá. Ọdẹ ló kọ́kọ́ kó o nígbà tí ẹ̀jẹ̀ ẹran kan ojú ọgbẹ́ rẹ̀. Láti ibẹ̀, kòkòrò náà bá odò sọ̀ kalẹ̀ lọ sí Kìnṣásà, tó ń jẹ́ Lẹ́ópólífìlì lábẹ́ àwọn ará Bẹ́ljíọ̀mù, ó sì fìdí múlẹ̀ níbẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1920. Ojú irin tí ìjọba amúnisìn là láti fi kó ohun àmúṣọrọ̀ inú ilẹ̀ ló gbé e káàkiri Kóńgò, nítorí ibi tí ojú irin bá dé ni àwọn òṣìṣẹ́ ọkùnrin tí kò mú aya lọ́wọ́ ń pọ̀ sí. Ìtàn ẹnu sọ tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ní ìlú wa, ohun tí a gbọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún ni pé àwọn òyìnbó ló pò ó nínú ilé ìwádìí, pé wọ́n fẹ́ dín bíbí àwọn aláwọ̀ dúdú kù, tàbí pé kò tilẹ̀ sí àrùn kankan, ọgbọ́n àtidá ọkùnrin àti obìnrin lẹ́kun ni. Ohun tó da ìtàn ẹnu yìí nù ni ẹ̀jẹ̀ kan tí wọ́n gbà ní Kìnṣásà ní 1959, tí wọ́n sì rí kòkòrò náà nínú rẹ̀ lẹ́yìn náà. Ní 1959, kò tíì sí ilé ìwádìí kankan lágbàáyé tó mọ bí a ṣe ń tún ẹ̀dá kòkòrò tò. Síbẹ̀, kò yẹ ká fi ìtàn ẹnu náà ṣẹ̀sín. Ẹni tí amúnisìn ti kó lẹ́rú, tó ti gba ilẹ̀ rẹ̀, ní ìdí láti fura, ìfura yẹn sì di ara ohun tó ń darí ìtàn àìsàn náà láàárín wa.

Lórí bó ṣe dé Nàìjíríà, àwọn àkọsílẹ̀ pàápàá kò bára wọn mu. Àwọn kan kọ 1985, àwọn mìíràn kọ 1986. Ó jọ pé 1985 ni wọ́n rí aláìsàn àkọ́kọ́, tí wọ́n sì kéde rẹ̀ ní ọdún tó tẹ̀ lé e. Ohun tí gbogbo wọn gbà ni pé ọmọbìnrin ọmọ ọdún 13 kan ní Èkó wà lára àwọn méjì àkọ́kọ́. Kòkòrò náà kò pẹ́ kó tó di onílé. Irú rẹ̀ tó wọ́pọ̀ jù ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà lónìí, Ìbàdàn ni wọ́n ti gba ẹ̀jẹ̀ tí gbogbo ayé fi ń dá a mọ̀, orúkọ ìlú náà sì wà lára orúkọ tí wọ́n fún un, IbNG. Ìjọba dá ìgbìmọ̀ sílẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n Olíkóyè Ransome-Kuti, tó jẹ́ mínísítà ètò ìlera nígbà náà, sì sọ̀rọ̀ gan-an. Ṣùgbọ́n àsìkò tí owó ìjọba ń gbẹ lábẹ́ ètò àtúntò ọrọ̀ ajé nìyẹn, tí àwọn dókítà ń kó lọ sí Saudi àti Gẹ̀ẹ́sì, tí ilé ìwòsàn sì di ibi tí aláìsàn ti ń ra ìbọ̀wọ́ àti abẹ́rẹ́ wá láti ilé. Ohun kan ṣoṣo tí ìjọba lè ṣe láìnáwó púpọ̀ ni pé kó dẹ́rù ba àwọn ènìyàn. Wọ́n ya agbárí sára pátákó, wọ́n kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà pé éèdì ń pani. Ẹ̀rù náà ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe iṣẹ́ tí wọ́n rán an. Ẹni tí wọ́n bá ti sọ fún pé ikú ni èsì àyẹ̀wò rẹ̀, kò ní ìdí kankan láti lọ ṣe àyẹ̀wò.

Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ àwọn aboyún káàkiri orílẹ̀-èdè ní 1991, nǹkan bí 1.8 nínú ọgọ́rùn-ún ló ní kòkòrò náà. Nígbà tó fi di 2001, ó ti di 5.8. Láàárín ọdún mẹ́wàá yẹn, ikú kan ṣẹlẹ̀ tó ju ẹgbẹ̀rún pátákó lọ. Fẹlá Aníkúlápó-Kútì kú ní ọjọ́ kejì oṣù kẹjọ ọdún 1997, Olíkóyè ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tí kì í ṣe mínísítà mọ́, sì jókòó níwájú àwọn oníròyìn, ó sọ ọ́ ní gbangba pé éèdì ló fà á. Níhìn-ín náà, ìtàn ẹnu yà kúrò lọ́dọ̀ àkọsílẹ̀. Ọ̀pọ̀ àwọn tó fẹ́ràn Fẹlá kò gbà títí dòní. Wọ́n ní lílù tí àwọn sójà lù ú fún ogún ọdún ló pa á. Lílù yẹn kì í ṣe irọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n tó tún jẹ́ dókítà kò ní èrè kankan nínú irú ìkéde bẹ́ẹ̀ bí kì í bá ṣe òótọ́. Fún ìgbà àkọ́kọ́, ìdílé ńlá kan gbà pé àrùn náà wà nínú ilé àwọn.

Ní gbogbo àsìkò yìí, ìtàn mìíràn ń lọ lọ́wọ́ ní òkè òkun. Oògùn àkọ́kọ́, AZT, jáde ní 1987, ṣùgbọ́n òun nìkan kò lè bá kòkòrò náà jà pẹ́. Ní 1994, ìwádìí kan fi hàn pé bí aboyún bá lò ó, iye ọmọ tí ń kó àrùn náà lára ìyá yóò wálẹ̀ láti nǹkan bí 25 nínú ọgọ́rùn-ún sí nǹkan bí 8. Ẹni tó bá fara balẹ̀ ka èsì yẹn yóò rí i pé gbogbo ohun tí ayé fi ọdún mẹ́tàdínlógún jiyàn lé lórí lẹ́yìn náà ti wà nínú rẹ̀. Oògùn tí ìyá mu ló dáàbò bo ẹlòmíràn. Ní 1996, wọ́n rí i pé bí a bá da oògùn mẹ́ta pọ̀, kòkòrò náà kò ní lè pọ̀ sí i mọ́ nínú ẹ̀jẹ̀, ẹni tó ti sún mọ́ ikú sì dìde. Iye tí wọ́n ń tà á fún ènìyàn kan lọ́dún ju 10,000 dọ́là lọ. Nítorí náà, àwọn onímọ̀ ètò ọrọ̀ ajé pín ọ̀rọ̀ sí méjì: ìdènà ni ti Áfíríkà, ìtọ́jú ni ti àwọn olówó. Àwọn kan ṣírò rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn Lancet ní 2002 pé owó tí a bá fi dènà àrùn náà níbí yóò wúlò ju èyí tí a fi tọ́jú aláìsàn lọ ní ìlọ́po 28 ó kéré tán. Ìṣirò náà péye lórí ìwé. Àṣìṣe tó wà nínú rẹ̀ ni pé ó ka ẹni tí wọ́n tọ́jú sí ẹni kan ṣoṣo, kò ka àwọn tí onítọ̀hún kò ní kó àrùn ràn mọ́.

Ohun tó já okùn yẹn ni iye owó. Ní oṣù kejì ọdún 2001, ilé iṣẹ́ Cipla ní Íńdíà kéde pé òun lè ta oògùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta papọ̀ fún àjọ Médecins Sans Frontières ní 350 dọ́là lọ́dún, ìyẹn ni pé kò tó dọ́là kan lójúmọ́. Ní oṣù kẹrin, àwọn olórí Áfíríkà péjọ sí Àbújá, wọ́n sì ṣèlérí pé ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún owó ìṣúná wọn yóò lọ sí ètò ìlera. Ààrẹ Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ gbé ètò kan kalẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ ní 2002: oògùn láti Íńdíà fún 10,000 àgbàlagbà àti 5,000 ọmọdé, tí ẹni tó ń gbà á yóò máa san 1,000 náírà lóṣù. Ìlú tí wọ́n fojú bù pé ènìyàn tó ju mílíọ̀nù mẹ́ta ló ní kòkòrò náà nìyẹn. Kò tó ọdún méjì tí oògùn fi tán ní àwọn ilé ìwòsàn, tí àwọn kan sì wà láìrí oògùn fún nǹkan bí oṣù mẹ́ta. Ibi tí ọ̀ràn náà ti burú jù ni pé ẹni tó bẹ̀rẹ̀ oògùn tó sì dá a dúró kì í padà sí ibi tó wà tẹ́lẹ̀. Oògùn tó ṣẹ́ kù díẹ̀díẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ yóò pa àwọn kòkòrò tó rọrùn pa, yóò sì fi àwọn tó lágídí sílẹ̀ láti máa bí sí i, títí irú oògùn yẹn kò fi ní ràn án mọ́. Owó PEPFAR tí ìjọba Amẹ́ríkà gbé kalẹ̀ ní 2003 àti ti Global Fund ló gba ètò náà là, ní 2006 ìjọba sì sọ pé kí oògùn di ọ̀fẹ́. Ọ̀fẹ́ ni oògùn, kì í ṣe gbogbo rẹ̀: owó káàdì, owó àyẹ̀wò mìíràn àti owó ọkọ̀ ṣì wà lọ́rùn aláìsàn.

Nígbà tí Nàìjíríà ń sáré wá oògùn, ẹ̀rí ń kó jọ níbòmíràn pé oògùn yẹn gan-an ni ìdènà. Ní 2000, àwọn tó ń ṣèwádìí ní agbègbè Rakai ní Ùgáńdà tẹ̀ lé tọkọtaya 415 tí ẹnì kan ní kòkòrò náà tí ẹnì kejì kò ní. Ibi tí iye kòkòrò nínú mílílítà ẹ̀jẹ̀ kan kò bá tó 1,500, ẹnì kejì kò kó o rárá. Bí iye náà ṣe ń gòkè ni ewu ń gòkè. Ní oṣù kìíní ọdún 2008, àwọn dókítà kan ní Siwisaláńdì sọ ọ́ jáde pé ẹni tó bá ń lo oògùn dáadáa, tí àyẹ̀wò kò sì rí kòkòrò nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ fún oṣù mẹ́fà, kì í kó o ran ẹni tí wọ́n jọ ń sùn. Ayé dìde sí wọn, wọ́n ní wọ́n ń kọ́ àwọn ènìyàn ní ìwàkuwà. Ìdáhùn dé ní 2011 láti inú ìwádìí HPTN 052, tí Myron Cohen darí. Tọkọtaya 1,763 ní orílẹ̀-èdè mẹ́sàn-án ló wà nínú rẹ̀, wọ́n sì pín wọn sí apá méjì: àwọn kan bẹ̀rẹ̀ oògùn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, àwọn kejì dúró títí sójà ara wọn fi dín kù. Nínú ẹni 28 tí ẹ̀rí fi hàn pé ọ̀dọ̀ ẹnì kejì wọn gan-an ni wọ́n ti kó o, ẹyọ kan péré ló wà lápá àwọn tó tètè bẹ̀rẹ̀. Ìdínkù ìdá 96 nínú ọgọ́rùn-ún nìyẹn. Lẹ́yìn náà ni ìwádìí PARTNER tẹ̀ lé àwọn tọkọtaya ní Yúróòpù tí kì í lo rọ́bà ìdáàbòbò, tí ẹni tó ní kòkòrò náà sì ń lo oògùn tó mú kí ìwọ̀n kòkòrò inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wálẹ̀ gan-an. Wọ́n ka ìbálòpọ̀ bí 58,000, kò sí ẹyọ kan tó ṣokùnfà àkóràn láàárín wọn.

Àtakò tí mo ń gbọ́ jù sí èsì yìí ni pé bí ẹ bá sọ ọ́ fún àwọn ènìyàn, ìṣekúṣe yóò gbilẹ̀. Kò yẹ ká kàn fi ọwọ́ ti àtakò náà dànù, nítorí pé nínú PARTNER gan-an, àwọn mọ́kànlá kan kó HIV láàárín ìwádìí náà. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n yẹ ẹ̀dá kòkòrò tó wà lára wọn wò, kò sí èyí tó bá ti ẹnì kejì wọn mu. Ìta ni wọ́n ti kó o, lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Èyí fi ààlà hàn kedere. Oògùn tí mo mu ń dí kòkòrò tèmi lọ́nà nìkan. Kò dí ti ẹlòmíràn, kò dí àtọ̀sí, kò dí oyún. Ààlà mìíràn tún wà. Ìbálòpọ̀ ni ẹ̀rí yìí dá lé. Ní ti ìyá tó ń fún ọmọ lọ́mú, ewu náà kéré gan-an bí oògùn bá ń ṣiṣẹ́, kò tó ẹyọ kan nínú ọgọ́rùn-ún, ṣùgbọ́n kò tíì di òdo. Òótọ́ tó ní ààlà ṣì jẹ́ òótọ́, ẹni tó bá sì gbọ́ ọ yóò rí ìdí láti lọ ṣe àyẹ̀wò, èyí tí agbárí ara pátákó kò fún ẹnikẹ́ni rí.

Bí oògùn bá wá ń dènà, kí ló kù? Ìbéèrè yìí ni Edward Gardner àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Denver dáhùn ní 2011, ọdún kan náà tí èsì Cohen jáde. Wọ́n mú gbogbo àwọn tó ní HIV ní Amẹ́ríkà, wọ́n sì tò wọ́n bí ẹni to àtẹ̀gùn: àwọn tó mọ̀ pé àwọn ní in, àwọn tó dé ilé ìwòsàn, àwọn tó dúró síbẹ̀, àwọn tó wà lórí oògùn, àwọn tí kòkòrò inú ẹ̀jẹ̀ wọn ti wálẹ̀. Ní orílẹ̀-èdè tó lówó tó bẹ́ẹ̀, ẹni 19 péré nínú ọgọ́rùn-ún ló dé òkè. Àwọn ìyókù já bọ́ ní àtẹ̀gùn kọ̀ọ̀kan. Láti inú ìṣirò yìí ni àjọ UNAIDS ti fa ìlànà rẹ̀ yọ ní 2014: kí ìdá 90 mọ̀, kí ìdá 90 nínú àwọn tó mọ̀ wà lórí oògùn, kí ìdá 90 nínú àwọn yẹn sì ní ìwọ̀n tó wálẹ̀, kí 2020 tó parí. Lẹ́yìn náà ló di 95 lọ́nà mẹ́ta. Iye wọ̀nyí ń tan ojú jẹ, nítorí pé lára ara wọn ni a ti ń ṣírò wọn. 90 lọ́nà mẹ́ta túmọ̀ sí pé 73 nínú ọgọ́rùn-ún ló dé òkè, 95 lọ́nà mẹ́ta sì túmọ̀ sí 86. Ẹni tí kò mọ̀ rárá kò tilẹ̀ sí nínú ìṣirò kejì àti ìkẹta.

Nàìjíríà ni ibi tí ìtànjẹ yìí ti hàn jù. Títí di 2018, a kò mọ iye ènìyàn tí a ń wá. Àwọn ilé ìwòsàn aboyún ń sọ iye kan, ìwádìí ojúlé ń sọ iye mìíràn tó kéré sí i, àjọ àgbáyé sì ń fi ìṣirò ẹ̀rọ sọ pé ó ju mílíọ̀nù mẹ́ta lọ, ìdá 2.8 nínú ọgọ́rùn-ún. Ìdí tí wọn kò fi bára wọn mu kò ṣòro. Obìnrin tó lóyún ni ẹni tó dájú pé ó ń bá ọkùnrin sùn láìlo rọ́bà, ilé ìwòsàn tí wọ́n sì yàn pọ̀ jù ní ìlú. Ẹni tó bá fi wọ́n ṣe òdiwọ̀n gbogbo ìlú yóò ka àkàjù. Láàárín oṣù keje sí oṣù kejìlá ọdún 2018, àwọn òṣìṣẹ́ wọ ojúlé káàkiri gbogbo ìpínlẹ̀, wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ àwọn tó lé ní 200,000. Èsì rẹ̀, tí wọ́n kéde ní oṣù kẹta ọdún 2019, sọ pé ìdá 1.4 ni láàárín àwọn ọmọ ọdún 15 sí 49, tí àpapọ̀ gbogbo wọn sì jẹ́ nǹkan bí mílíọ̀nù 1.9. Láàárín wa ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn, ó jẹ́ 1.1, ní gúúsù gúúsù, 3.1. Àwọn kan rò pé ìjọba fẹ́ fi bo ojú ìtìjú ni. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀, nítorí ìwádìí kan náà ló tú àṣírí tó burú jù: nínú ọgọ́rùn-ún àgbàlagbà tó ní kòkòrò náà, nǹkan bí 47 péré ló mọ̀. Lára àwọn tó mọ̀, 96 nínú ọgọ́rùn-ún ló wà lórí oògùn, lára àwọn yẹn, 81 nínú ọgọ́rùn-ún ni ìwọ̀n wọn ti wálẹ̀. Ẹ jẹ́ ká ka orí. Nínú ẹni 100, 47 mọ̀; 45 ń lo oògùn; bíi 37 ló dé òkè. Ẹni 53 ti já bọ́ kí oògùn tó dé ọ̀rọ̀, mẹ́wàá péré ló sì já bọ́ lẹ́yìn rẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi sọ pé àríyànjiyàn ogún ọdún lórí ìdènà àti ìtọ́jú ti gbé ojú wa kúrò níbi tí ilé ti ń jò. Àyẹ̀wò ni a kò ṣe.

Kì í ṣe pé àwọn mẹ́wàá yẹn kò ṣe pàtàkì, ọ̀nà tí a fi ń mọ̀ wọ́n sì yẹ ní mímọ̀. Ẹ mú obìnrin kan tó bẹ̀rẹ̀ oògùn nígbà tí kòkòrò inú mílílítà ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 40,000. Oògùn ìsinsìnyí jẹ́ hóró kan lójúmọ́, tó ní tẹnofófíà, lamifudíìnì àti dolutẹgráfíà nínú. Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ sí í lo èyí dípò ti àtijọ́ láti nǹkan bí 2019. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, wọn óò gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lọ sí ilé àyẹ̀wò. Bó bá wà lábẹ́ 50, a kò rí i mọ́, a óò tún yẹ̀ ẹ́ wò ní oṣù kejìlá, lẹ́yìn náà lọ́dọọdún. Bó bá ju 1,000 lọ, dókítà kò gbọ́dọ̀ sáré pààrọ̀ oògùn. Wọn yóò kọ́kọ́ pè é jókòó fún ìjíròrò lẹ́ẹ̀mẹ́ta láàárín oṣù mẹ́ta, kí wọ́n mọ ohun tó ń dí i lọ́wọ́, kí wọ́n tó tún ẹ̀jẹ̀ gbà. Níbi ìjíròrò yìí ni òtítọ́ ti ń jáde. Ó lè jẹ́ pé ó ń tú oògùn kúrò nínú ìgò sínú ọ̀rá, nítorí pé ìgò tó ní hóró 90 nínú ń dún nínú báàgì, àwọn ará ilé yóò sì béèrè. Ó lè jẹ́ pé ọkọ rẹ̀ kò mọ̀, ìgbà tí ọkọ bá wà nílé ni kì í lò ó. Bí iye náà bá wálẹ̀ lẹ́yìn ìjíròrò, oògùn kò ní àbùkù. Bí kò bá wálẹ̀ bó tilẹ̀ ń lò ó lójoojúmọ́, kòkòrò náà ti lágídí, nígbà náà ni wọ́n ń pààrọ̀ rẹ̀. Ibi tí ètò yìí ti ń kùnà ni pé èsì máa ń pẹ́, ìwé a sọnù láàárín ilé ìwòsàn kékeré àti ilé àyẹ̀wò ńlá, obìnrin náà a sì máa lọ sókè sódò fún oṣù mélòó kan láìmọ̀ pé oògùn kò ṣiṣẹ́.

Àtakò tó lágbára jù lọ sí ohun tí mò ń sọ kò wá láti ọ̀dọ̀ àwọn oníwàásù, ọ̀dọ̀ àwọn onímọ̀ ló ti wá. Wọ́n ní ohun tó ṣiṣẹ́ láàárín tọkọtaya kan lè má ṣiṣẹ́ fún odindi ìlú. Ní KwaZulu-Natal ní Gúúsù Áfíríkà, ìwádìí kan lọ láti ojúlé dé ojúlé, ó ń yẹ ènìyàn wò, ó ní kí gbogbo ẹni tó ní kòkòrò náà bẹ̀rẹ̀ oògùn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, síbẹ̀ àkóràn tuntun kò dín kù ju ti àwọn abúlé tí wọn kò ṣe bẹ́ẹ̀ sí. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n wá ìdí rẹ̀, wọ́n rí i pé àwọn tó gbọ́ èsì wọn kò tètè dé ilé ìwòsàn, pàápàá jù lọ àwọn ọkùnrin, tí púpọ̀ nínú wọn ń ṣiṣẹ́ ní ìlú mìíràn. Oògùn kò kùnà. Ẹni tó yẹ kó lò ó ni kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Bòtìswánà ni ìdáhùn kejì. Orílẹ̀-èdè yẹn, tó bẹ̀rẹ̀ ètò oògùn ọ̀fẹ́ tirẹ̀ ní oṣù kìíní ọdún 2002, ọdún kan náà pẹ̀lú tiwa, rí i nínú ìwádìí ojúlé ti 2021 pé 95 mọ̀, 98 wà lórí oògùn, 98 sì ti wálẹ̀. Ẹnì kan lè sọ pé Bòtìswánà kéré, ó sì ní dáyámọ́ńdì. Àwa náà ní epo rọ̀bì. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé ìjọba wọn ti sọ ọ́ di àṣà láti 2004 pé kí wọ́n máa fi àyẹ̀wò HIV lọ gbogbo ẹni tó bá wọ ilé ìwòsàn, ohunkóhun tó bá gbé e wá, kí ẹni tí kò bá fẹ́ sọ pé òun kò fẹ́.

Lẹ́yìn 2019, Nàìjíríà sáré. Wọ́n mọ ìpínlẹ̀ tí àwọn tí à ń wá wà, wọ́n ń bá ẹni tó bá ní kòkòrò náà wá àwọn tí wọ́n jọ ń sùn, wọ́n ń fúnni ní oògùn oṣù mẹ́ta sí mẹ́fà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, iye àwọn tó wà lórí oògùn sì ti kọjá mílíọ̀nù kan àti ààbọ̀. Àwọn tó kù sẹ́yìn báyìí kì í ṣe ẹnikẹ́ni ṣá. Àwọn ọkùnrin tí kì í dé ilé ìwòsàn àfi bí wọ́n bá ṣubú; àwọn ọkùnrin tó ń bá ọkùnrin sùn, tí òfin 2014 tó ka ìbáṣepọ̀ wọn léèwọ̀ mú kí wọ́n túbọ̀ máa sá fún nọ́ọ̀sì; àti àwọn ọmọdé. Nàìjíríà wà lára àwọn orílẹ̀-èdè tí ọmọ tuntun ti ń kó HIV jù lọ lágbàáyé, nítorí pé kò tó ìdajì àwọn aboyún tó ní in tó ń rí oògùn gbà. Èyí ló dùn mí jù, nítorí pé ohun tí oògùn lè ṣe fún ọmọ inú ni ayé ti mọ̀ láti 1994. Obìnrin púpọ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá ń bímọ lọ́dọ̀ agbẹ̀bí ìbílẹ̀ tàbí ní ilé àgbẹ̀bí ṣọ́ọ̀ṣì, ibi tí ohun èlò àyẹ̀wò kì í sábà dé.

Ọ̀nà wà. Ní Ẹnúgu, ìwádìí kan tí èsì rẹ̀ jáde ní 2015 lọ bá àwọn aboyún ní ṣọ́ọ̀ṣì 40. Ní ìdajì àwọn ṣọ́ọ̀ṣì náà, wọ́n gbàdúrà fún wọn, wọ́n ṣe àpèjẹ ìkíni oyún, wọ́n sì ṣe àyẹ̀wò HIV pọ̀ mọ́ àyẹ̀wò mìíràn kí ẹnikẹ́ni má bàa dá yàtọ̀. 92 nínú ọgọ́rùn-ún ló ṣe àyẹ̀wò níbẹ̀, nígbà tí ó jẹ́ 55 ní àwọn ṣọ́ọ̀ṣì ìyókù. Kò sí oògùn tuntun nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìjọba Amẹ́ríkà dá owó ìrànlọ́wọ́ rẹ̀ dúró ní oṣù kìíní ọdún 2025, ìgbìmọ̀ aláṣẹ ìjọba àpapọ̀ sáré fọwọ́ sí bílíọ̀nù 4.8 náírà láàárín ọjọ́ mélòó kan, fún ìdì oògùn 150,000, fún oṣù mẹ́rin. Owó náà ra oògùn fún àwọn tí a ti mọ̀. Mo bẹ àwọn gómìnà ìpínlẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ilẹ̀ Yorùbá: ẹ kọ owó ohun èlò àyẹ̀wò aboyún sínú ìṣúná ọdún tó ń bọ̀ lórúkọ tirẹ̀, kí ẹ sì jẹ́ kó dé ọ̀dọ̀ àwọn agbẹ̀bí ìbílẹ̀ àti ilé àgbẹ̀bí ṣọ́ọ̀ṣì pẹ̀lú nọ́ọ̀sì tí yóò mú obìnrin náà dé ibi oògùn lọ́jọ́ kan náà.